Ìgbà wo ni kí n gbọn apẹ̀rẹ̀ éà fíráyà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àjàṣẹ́ ni mo wà. Fìríìtì ń fọ́ sínú éà fíráyà mi, apá adìẹ ń pupa nínú, ẹja sì ń lẹ̀ mọ́ apẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìṣẹ́jú 5-5 ni mo ń gbọn gbogbo wọn. Ìṣẹ́jú mélòó ló tọ́ sí kálukú?

Ìdáhùn: Gbígbọ̀n yẹn gan-an ló ń bà á jẹ́. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, fìríìtì nìkan ló fẹ́ kí wọ́n gbọn òun, kò sì fẹ́ ẹ ní kùtùkùtù.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí fìríìtì yọ́ o. Bó bá ti ń ti inú fìríìsà bọ̀ ni kẹ́ ẹ dà á sínú ẹ̀rọ tó ti gbóná dé 200°C. Kó má ju ìdajì apẹ̀rẹ̀ lọ. Ìṣẹ́jú 18 sí 20 ló máa lò. Níbẹ̀rẹ̀, yìnyín ara rẹ̀ ń yọ́, ó rọ̀, ọwọ́ tó bá gbọ̀n ọ́n nígbà yẹn á fọ́ ọ ni. Ẹ dúró di ìṣẹ́jú 8, kí ẹ gbọ̀n ọ́n kí ti ìsàlẹ̀ lè bọ́ sókè. Òkè ni afẹ́fẹ́ gbígbóná ti ń fẹ́ wá. Ibi tí wọ́n bá ti lẹ̀ mọ́ra wọn, oru omi á há síbẹ̀, ibẹ̀ á sì funfun. Ẹ tún gbọ̀n ọ́n ní ìṣẹ́jú 14. Ẹ fetí sí i: bó bá ń dún wàrà-wàrà bí ẹ̀pà yíyan, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Bó bá ń dún wọ̀ọ̀, omi ṣì wà nínú rẹ̀.

Apá adìẹ tẹ́ ẹ rà ní ìsọ̀ ẹran yìnyín ní Wàǹdó máa ń dì mọ́ra wọn. Bẹ́ ẹ bá gbé e síná bẹ́ẹ̀, ìta á jó kí inú tó jinná. Ẹ jẹ́ kó yọ́ nínú fíríìjì mọ́jú, kí ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ tó fi iyọ̀ àti ata sí i. Ẹ tò ó ní ìpele kan ṣoṣo, 200°C, ìṣẹ́jú 22 sí 25. Ẹ fi ẹ̀mú yí i ní ìṣẹ́jú 12. Gbígbọ̀n kì í yí i tán. Ẹ gé èyí tó tóbi jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun. Bí omi pupa bá jáde, ẹ dá a padà fún ìṣẹ́jú 4, kí ẹ tún wò ó. Bẹ́ ẹ bá ní ohun ìwọn ooru, 74°C ni inú ẹran gbọ́dọ̀ dé.

Ẹja ní tirẹ̀, ẹ má gbọ̀n ọ́n rárá. Ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi òróró díẹ̀ pa òun àti apẹ̀rẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ gé tó nípọn bí ìka méjì, 190°C, ìṣẹ́jú 10 sí 12. Ní ìṣẹ́jú 7, ẹ ki ṣíbí pẹlẹbẹ bọ abẹ́ rẹ̀. Bó bá ṣì ń fà mọ́ apẹ̀rẹ̀, awọ rẹ̀ ò tíì le nìyẹn; ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 1 sí 2 sí i, á yọ fúnra rẹ̀.

Bí iná bá rẹlẹ̀ nírọ̀lẹ́, ooru ẹ̀rọ náà á dínkù, ẹ ó fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kún gbogbo rẹ̀.