Ìdí tí mẹ́táìlì ọ́réńjì kò fi yẹ fínígà

Ká ní wọ́n ra ìgò fínígà kan lọ́jà Ìkòròdú, tí wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ìdá 5 nínú 100 ni àsíìdì inú rẹ̀. Títíréṣọ̀n, ìyẹn kíkán álíkálì bíi NaOH díẹ̀díẹ̀ sínú àsíìdì títí àsíìdì á fi tán, lè fi hàn bóyá òótọ́ ni. Wọn 30 cm³ rẹ̀, kí o bu omi mímọ́ là á títí yóò fi di 250 cm³. Àsíìdì náà á wá tó nǹkan bíi 0.1 M. Fi pípẹ́ẹ̀tì fa 25 cm³ sínú fúláàsìkì, kí NaOH 0.1 M wà nínú búrẹ́ẹ̀tì. Bí olùtà kò bá purọ́, nǹkan bíi 25 cm³ NaOH ló máa tán àsíìdì náà.

Ọwọ́ indikétọ̀, ìyẹn èròjà tó ń parọ̀ àwọ̀ láti fi hàn pé àsíìdì ti tán, ni gbogbo rẹ̀ wà. Níbẹ̀rẹ̀, pH wà ní 2.9. Láti ìgbà tí NaOH bá ti tó 5 cm³ títí dé 20 cm³, kò kúrò ní 4.2 sí 5.4. Ohun tó fà á ni pé ìkán NaOH kọ̀ọ̀kan ń sọ díẹ̀ lára àsíìdì di iyọ̀ rẹ̀, àsíìdì tó kù sì ń gbé OH⁻ tó ń bọ̀ mì. Bí àsíìdì ṣe pọ̀ sí iyọ̀ náà ló ń pinnu pH. Nígbà tí àwọn méjèèjì bá dọ́gba, ní 12.5 cm³, pH á jẹ́ 4.76. Agbègbè bọ́fà nìyẹn.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ títí wọ inú agbègbè yìí ni indikétọ̀ tó ń jẹ́ mẹ́táìlì ọ́réńjì ti ń parọ̀ àwọ̀, nítorí láàárín pH 3.1 sí 4.4 ló ń ṣiṣẹ́. Kí NaOH tó pé 0.5 cm³, pupa rẹ̀ ti ń ṣá; ó di nǹkan bíi 7.6 cm³ kó tó di yẹ́lò pátá. Kò sí ìkán kan tí èèyàn lè nàka sí pé òun ló yí i padà. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ á ṣírò ìdá 1.5 nínú 100, á sì fẹ̀sùn kan olùtà aláìṣẹ̀ pé ó bu omi là á.

Ọ̀rọ̀ tó ń bí èèyàn nínú jù ni pé títíréṣọ̀n gbọ́dọ̀ parí sí pH 7. Irọ́ ni! Nígbà tí àsíìdì yìí bá tán, iyọ̀ rẹ̀ nìkan ló kù sínú omi. Ó ń gba H⁺ lọ́wọ́ omi, OH⁻ sì ń ṣẹ́kù, pH á wá jẹ́ 8.7. Láti 24.9 dé 25.1 cm³, ìyẹn bí ìkán mẹ́rin péré, pH á fò láti 7.2 sí 10.3. Finọfitálíìnì, indikétọ̀ mìíràn tó ń ti aláìláwọ̀ di píǹkì, ń ṣiṣẹ́ láàárín 8.3 sí 10, nínú ìfò yìí gan-an. Bó bá jẹ́ HCl ló wà nínú fúláàsìkì, láti nǹkan bíi 3.7 ni ìfò náà á ti bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tí mẹ́táìlì ọ́réńjì fi ń bá a lọ dáadáa, tí wọ́n sì ń ṣi í lò fún fínígà.

Ẹ má retí kí píǹkì náà dúró títí. Kábọ́nì díọ́ksáìdì inú afẹ́fẹ́ á máa jẹ OH⁻ tó pọ̀ jù díẹ̀díẹ̀, àwọ̀ á sì ṣá. Píǹkì fẹ́ẹ́rẹ́ tó bá dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 30 lẹ́yìn tí a ti mi fúláàsìkì ti tó. Ẹni tó bá tún ń kán sí i lẹ́yìn náà ti kọjá ibi tó yẹ kó dúró.