Òdo iwájú tẹ́ ẹ jù nù ló ń da ìṣirò àdírẹ́ẹ̀sì yín rú

Ẹni tó bá ti jókòó sí kíláàsì nẹ́tíwọ́ọ̀kì l'Ádó-Èkìtì tàbí n'Íkẹ̀rẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan péré ti mọ bí àdírẹ́ẹ̀sì kọ̀ǹpútà ṣe ń rí: 172.16.45.14, nọ́ńbà mẹ́rin, dọ́ọ̀tì mẹ́ta láàárín wọn, kò sì sí èyí tó lè ju 255 lọ nínú wọn. A ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ohun tí wọn kì í tẹ̀ mọ́ ọmọ létí dáadáa ni pé kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀ ò rí dọ́ọ̀tì kankan o. Bíìtì 32 ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, 1 àti 0 tó tò tẹ̀léra láìsí àlàfo, bẹ́ẹ̀ ni ìlànà IPv4 tí wọ́n kọ jáde ní 1981 ṣe là á sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣì wà dòní. Àwa èèyàn la ò lè ka bíìtì 32 lórí ìlà kan kójú wa má ṣe bàìbàì, ni wọ́n bá gé e sí mẹ́rin, bíìtì mẹ́jọ mẹ́jọ, wọ́n wá ń kọ ègé kọ̀ọ̀kan ní irú nọ́ńbà tá a fi ń ka owó. Ègé kan yẹn ni wọ́n ń pè ní ọ́ktẹ́ẹ̀tì.

Nínú ọ́ktẹ́ẹ̀tì kan, àyè mẹ́jọ ló wà, kálukú ló sì ní iye tiẹ̀. Láti apá òsì lọ sí ọ̀tún, àwọn iye náà ni 128, 64, 32, 16, 8, 4, 2, 1. Ibi tí 1 bá wà, ẹ ka iye ibẹ̀, ibi tí 0 bá wà, ẹ fò ó. Tẹ́ ẹ bá rí 10101000, 128 wà níbẹ̀, 32 wà níbẹ̀, 8 wà níbẹ̀, ẹ pa wọ́n pọ̀, 168 nìyẹn. Tí gbogbo ẹ̀ bá jẹ́ 1, 255 ló máa jẹ́, ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà kankan ò fi lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti báínárì, ìyẹn 1 àti 0 yẹn, bọ̀ sí dẹ́símà, nọ́ńbà tá a fi ń ka owó, kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, ó ti tán.

Bí a ṣe máa padà lọ sí báínárì ni wàhálà wà, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ọmọ kíláàsì, ọ̀nà tí wọ́n fi kọ́ wọn ló ń dá a sílẹ̀.

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ tíṣà ìṣirò fi kọ́ wa látilẹ̀ ni ká máa fi 2 pín nọ́ńbà náà, ká máa kọ ohun tó bá ṣẹ́kù sẹ́gbẹ̀ẹ́, ká wá kà á láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ẹ jẹ́ ká fi 45 ṣe é. 45 pín sí 2 jẹ́ 22, ó ku 1. 22 jẹ́ 11, kò ku nǹkan kan, 0. 11 jẹ́ 5, ó ku 1. 5 jẹ́ 2, ó ku 1. 2 jẹ́ 1, 0 ló kù. 1 ò ṣe é pín mọ́, 0 ni, ó ku 1. Ẹ kà á láti ìsàlẹ̀, 101101. Ìṣirò yẹn ò ní àṣìṣe kankan, àmọ́ ẹ ka iye bíìtì tó wà níbẹ̀, mẹ́fà ni. Ọ̀nà yìí máa ń dúró níbi tí nọ́ńbà bá ti parí, kò mọ̀ pé àyè mẹ́jọ là ń kún, kò sì sí nǹkan kan nínú ẹ̀ tó máa rán èèyàn létí pé àyè méjì ṣì ṣófo níwájú. Fún ìdánwò ìṣirò, 101101 ti gba máàkì ẹ̀. Fún àdírẹ́ẹ̀sì, kò tíì pé.

Ọ̀nà kejì ni kéèyàn máa yọ iye kúrò láti orí 128 wá. Ṣé 128 wà nínú 45? Rárá, ẹ kọ 0. 64 ńkọ́? Rárá, 0. 32 wà níbẹ̀, ẹ kọ 1, ẹ yọ ọ́, ó ku 13. 16 ò sí nínú 13, 0. 8 wà níbẹ̀, 1, ó ku 5. 4 wà níbẹ̀, 1, ó ku 1. 2 ò sí níbẹ̀, 0. 1 wà níbẹ̀, 1, kò ku nǹkan kan mọ́. Ohun tẹ́ ẹ kọ ni 00101101, bíìtì mẹ́jọ géérégé, torí pé ìbéèrè mẹ́jọ lẹ bi, ìdáhùn mẹ́jọ lẹ sì gbà. Ká ní èmi ni wọ́n ní kí n ṣètò kíláàsì yẹn ni, ọ̀nà yìí nìkan ni màá fi bẹ̀rẹ̀, kí ti pípín tó wọlé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń lo Páítọ́ọ̀nù náà, ó lè tàn yín bákan náà:

```
>>> format(45, 'b')
'101101'
>>> format(45, '08b')
'00101101'
```

Èyí òkè fún yín ní nọ́ńbà lásán, ti ìsàlẹ̀ ló mọ̀ pé àyè mẹ́jọ lẹ fẹ́.

Ọmọ kan á ní, "Ṣùgbọ́n sà, 0 tó wà níwájú, ṣé ó já mọ́ nǹkan kan ni? 045 àti 45, ṣé kì í ṣe ọ̀kan náà ni?" Ọ̀kan náà ni tó bá jẹ́ pé iye là ń wá. Àmọ́ nínú àdírẹ́ẹ̀sì, ibi tí bíìtì kọ̀ọ̀kan jókòó sí là ń wá, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń gé bíìtì 32 yẹn níbì kan, ó máa ń sọ pé apá òsì yìí ni ti àdúgbò, apá ọ̀tún ni ti ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, láti apá òsì pátápátá ló sì ti ń kà wọ́n. Tí òdo méjì bá sọnù níwájú, gbogbo ohun tó kù á sún sí òsì, ọ̀bẹ á wá gé ibi tí kò yẹ.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ ná. Ká sọ pé ẹ̀rọ kan nínú láàbù ní àdírẹ́ẹ̀sì 172.16.45.14/20, gétíwéè ẹ̀, ìyẹn ẹnu ọ̀nà tó ń gbà jáde síta, sì ni 172.16.40.1. /20 túmọ̀ sí pé bíìtì 20 àkọ́kọ́ ni ti àdúgbò. Ọ́ktẹ́ẹ̀tì méjì àkọ́kọ́ ti kó 16 lọ, ó wá ku bíìtì mẹ́rin tá a máa mú nínú ọ́ktẹ́ẹ̀tì kẹta. Ẹni tó kọ 45 sí 101101 á mú mẹ́rin àkọ́kọ́, 1011, á fi òdo dí méjì tó kù, ó di 101100, 44 nìyẹn, á wá sọ pé àdúgbò ẹ̀rọ yìí ni 172.16.44.0. Á tún kọ 40 sí 101000, á mú mẹ́rin àkọ́kọ́ níbẹ̀, 1010. 1011 àti 1010 ò bára mu. Ló bá pariwo pé gétíwéè ò sí ní àdúgbò kan náà pẹ̀lú ẹ̀rọ, pé ẹni tó ṣètò láàbù yìí ò mọṣẹ́, ó yí gétíwéè padà sí 172.16.44.1, níbi tí rúútà kankan ò sí. Láti ìgbà yẹn, ẹ̀rọ inú láàbù ṣì ń dáhùn síra wọn, àmọ́ kò sí ẹni tó lè jáde síta mọ́, gbogbo èèyàn á wá máa bú dátà.

Ẹ wá fi bíìtì mẹ́jọ ṣe é. 45 jẹ́ 00101101, mẹ́rin àkọ́kọ́ ni 0010. 40 jẹ́ 00101000, mẹ́rin àkọ́kọ́ ni 0010. Wọ́n bára mu, àdúgbò kan náà ni wọ́n wà, gétíwéè ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ fi òdo mẹ́rin dí apá ọ̀tún, 00100000, 32 nìyẹn, àdúgbò náà bẹ̀rẹ̀ láti 172.16.32.0. Ẹ fi 1 mẹ́rin dí i, 00101111, 47 nìyẹn, ó parí sí 172.16.47.255. Gbogbo ohun tó bá wà láàárín méjèèjì, aládùúgbò ni wọ́n.

Ọ̀nà kan wà téèyàn fi lè mọ̀ pé òun ti ṣì í kó tó fọwọ́ kan rúútà ẹnikẹ́ni. Ní /20, bíìtì mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú ọ́ktẹ́ẹ̀tì kẹta ti àdúgbò gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo, ìyẹn ni pé 16 gbọ́dọ̀ lè pín nọ́ńbà yẹn dọ́gba: 0, 16, 32, 48, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. 16 ò lè pín 44 dọ́gba. Tẹ́ ẹ bá ti rí 172.16.44.0/20 nínú iṣẹ́ yín, kí ẹ padà lọ ka bíìtì yín. Ẹ tún lè wo òpin: nọ́ńbà tí ìdajì ò bá pé gbọ́dọ̀ parí pẹ̀lú 1, èyí tí ìdajì ẹ̀ bá pé gbọ́dọ̀ parí pẹ̀lú 0. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà tí ìdajì ẹ̀ pé ni, ìyẹn nìkan ti tó láti mú ẹni tó ka iye tó ṣẹ́kù láti òkè wá sísàlẹ̀.

Níbi tó ti dùn mọ́ ọmọ Yorùbá ni àwọn nọ́ńbà ńlá tó sún mọ́ 255. Ẹ má yọ 128, ẹ má yọ 64, ẹ kà á bí ìyá wa ṣe ń ka mẹ́tàdínlógún, ẹ fi ẹ̀yìn kà á. 247 jẹ́ 255 dín 8. Ẹ kọ 8 sí àyè mẹ́jọ, 00001000, ẹ wá yí i dà, 0 di 1, 1 di 0: 11110111. Ó tán. 240 tó wà nínú máàsìkì /20, nọ́ńbà tó ń sọ ibi tí ọ̀bẹ ti gé bíìtì, jẹ́ 255 dín 15, 15 ni 00001111, ẹ yí i dà, 11110000. Ó máa ń ṣiṣẹ́ lórí gbogbo nọ́ńbà, torí gbogbo àyè 255 ló ti ní 1, kò sí ibi tẹ́ ẹ ti máa yá nǹkan tẹ́ ẹ bá ń yọ. Àmọ́ ẹ má lò ó fún 45, ẹ máa rìn jìnnà lásán.

Ohun tó ń bí mi nínú nípa dọ́ọ̀tì wọ̀nyí ni pé ó dára fún ojú, ṣùgbọ́n ó ń purọ́. Ó ń jẹ́ kó dà bíi pé ibi tí dọ́ọ̀tì wà ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti pín. Ní /8, /16 àti /24, irọ́ yẹn máa ń bọ́ sí òótọ́, ìyẹn sì ni wọ́n fi ń kọ́ èèyàn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìgbà tí /20 bá wá dé, tí ibi ìpín já sí àárín ọ́ktẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ á dàrú mọ́ gbogbo kíláàsì lójú.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbọ́ ti òdo iwájú tán, àwọn kan á tún ṣe àṣejù, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fi kún dẹ́símà náà, 172.016.045.014, kí ó lè tò dáadáa. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ẹ tẹ èyí sórí kọ̀ǹpútà tó ń lo Línúùsì:

```
ping 010.8.8.8
```

Ẹ wo àdírẹ́ẹ̀sì tó wà nínú àkámọ́ lórí ìlà àkọ́kọ́, 8.8.8.8 lẹ máa rí. Láti ayé àtijọ́ ni àwọn ètò kan ti gbà pé nọ́ńbà tí 0 bá ṣíwájú ẹ̀, mẹ́jọ mẹ́jọ ni wọ́n ń fi kà á, kì í ṣe mẹ́wàá mẹ́wàá, 010 wá di 8. 016 á di 14, 045 á di 37. Àwọn ètò míì á kàn kọ̀ ọ́ ni, Páítọ́ọ̀nù tuntun ò gbà á rárá nínú mọ́dù `ipaddress` ẹ̀. Nínú báínárì, ẹ kún un títí á fi pé mẹ́jọ. Nínú dẹ́símà, 45 ni kẹ́ ẹ kọ.