LCA: kí ló dé tí lúùpù ẹ̀ fi ń ka sẹ́yìn?

Mo ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn tó mọ kóòdù LCA sórí, wọ́n á kọ ọ́ láìwò ibì kankan, àmọ́ tó o bá bi wọ́n pé kí ló dé tí lúùpù tó gbẹ̀yìn fi ń bẹ̀rẹ̀ látorí nọ́ńbà ńlá wá sí kékeré, wọ́n á kàn máa wò ẹ́ ni.

LCA ni babańlá tí nóòdù méjì jọ ní nínú igi, tó sì sún mọ́ wọn jù. Èyí tó kọ́kọ́ máa ń wá síni lọ́kàn ni pé ká máa gun òkè lọ́kọ̀ọ̀kan, látọ̀dọ̀ bàbá dé ọ̀dọ̀ bàbá, títí méjèèjì á fi pàdé. Ó tọ̀nà o, àmọ́ tí igi yẹn bá lọ gbọọrọ bí okùn, tó ní nóòdù 200,000, tí ìbéèrè náà sì tó 200,000, ìgbésẹ̀ tó o máa gbé lè sún mọ́ bílíọ̀nù 40.

Ohun tí báínárì lífítìn ṣe ni pé ó ṣe tébù sílẹ̀ kí ìbéèrè kankan tó dé. Nóòdù kọ̀ọ̀kan ní babańlá ẹ̀ tó wà ní ìgbésẹ̀ 1, 2, 4, 8, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, nínú tébù náà. Kò sì nira láti kún un, torí tó o bá ti mọ ẹni tó wà ní 4 lókè, tó o wá bi òun náà léèrè 4 tiẹ̀, o ti dé 8 nìyẹn. `up[k][v]` ni babańlá v tó wà ní ìgbésẹ̀ 2^k sókè, `up[0][v]` sì ni bàbá ẹ̀:

```
up[k][v] = up[k-1][up[k-1][v]]
```

Fún nóòdù 200,000, ìlà 18 tó, iye yẹn la pè ní `LOG` nínú kóòdù. Bàbá gbòǹgbò, gbòǹgbò fúnra ẹ̀ ni kó o fi ṣe, kí fífò má baà jábọ́ síta tébù.

Ó yá, ká mú igi kan. 1 ni gbòǹgbò, ó wà ní ìpele 0, ó bí 2, 2 bí 3. Ibi 3 ni ẹ̀ka ti pín: apá kan lọ 4, 5, 6, 7, 8, apá kejì lọ 9, 10, 11. A ń wá LCA 8 àti 11, ojú wa sì ti rí i pé 3 ni.

Àkọ́kọ́, ká mú wọn dọ́gba. 8 wà ní ìpele 7, 11 wà ní ìpele 5, torí náà 8 á fo 2 sókè, ó di 6. (Tí ìyàtọ̀ bá jẹ́ 13 ńkọ́? 8 pẹ̀lú 4 pẹ̀lú 1, fífò mẹ́ta péré.) Tí méjèèjì bá ti di nóòdù kan náà níbí, dá a padà kíá, torí ẹnì kan ni babańlá ẹnì kejì nìyẹn; ẹni tó bá gbàgbé ìlà yìí, bàbá LCA ló máa dá padà dípò LCA.

Ibi tó wá dùn nìyí:

```
for (int k = LOG-1; k >= 0; k--)
  if (up[k][u] != up[k][v]) {
    u = up[k][u];
    v = up[k][v];
  }
return up[0][u];
```

A wà ní 6 àti 11. Tá a bá fo 4, méjèèjì bá ara wọn ní 2. Wọ́n pàdé lóòótọ́, àmọ́ a ò mọ̀ bóyá a ti fo ìpàdé gidi kọjá (a sì ti fò ó kọjá lóòótọ́), nítorí náà a ò ní fò. Fo 2: 6 di 4, 11 di 9, wọn ò jọra, a fò. Fo 1: méjèèjì á bọ́ sí 3, wọ́n jọra, a ò fò. A ti dúró sísàlẹ̀ ìpàdé gẹ́lẹ́, bàbá 4 sì ni 3. Ìdí nìyẹn tá a fi ń wá ibi tó ga jù tí wọn ò *tíì* pàdé, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti pàdé.

Wá yí lúùpù yẹn padà kó bẹ̀rẹ̀ látorí kékeré. Fo 1: wọ́n di 5 àti 10. Fo 2: méjèèjì bọ́ sí 3, a ò fò. Fo 4: méjèèjì bọ́ sí 1, a ò fò. Lúùpù parí, ó dá bàbá 5 padà, ìyẹn 4, bẹ́ẹ̀ 4 kì í tiẹ̀ ṣe babańlá 11 rárá! Ó ti ná fífò 1 kó tó yẹ, kò sì lè padà lọ mú un mọ́. Bó o ṣe máa mọ̀ ni pé kó o fi ìlà yìí síwájú `return`, ó máa pariwo fún ẹ:

```
assert(up[0][u] == up[0][v]);
```

Tébù yìí máa ń gba ewé tuntun o, kó o ṣáà ka ìlà tiẹ̀ látọ̀dọ̀ bàbá ẹ̀. Àmọ́ tó o bá gé ẹ̀ka kan kúrò lọ lẹ̀ mọ́ ibòmíì, ìlà gbogbo nóòdù tó wà lábẹ́ ẹ̀ka yẹn ti di irọ́ nìyẹn, wàá tún wọn kà látìbẹ̀rẹ̀.