Owó iná tó pọ̀ sí i: ṣé táríìfù ni, àbí iná tí a lò?

Owó iná ilé kan ní Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́, jẹ́ ₦14,620 ní Oṣù Kẹta ọdún 2024. Nígbà tó di Oṣù Kẹfà, ó ti di ₦31,123. (Àpẹẹrẹ la fi ilé náà ṣe, àmọ́ irú rẹ̀ pọ̀ nígboro.) Baálé ilé á ní táríìfù ti di ìlọ́po méjì. Ìyàwó rẹ̀ á ní àwọn ọmọ kì í pa fáànù. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì kò tọ̀nà, ríṣíìtì tó wà lọ́wọ́ wọn àti nọ́ńbà orí mítà wọn ló sì máa fi hàn bẹ́ẹ̀.

Nǹkan méjì ló ń para pọ̀ di owó iná. Àkọ́kọ́ ni iye yúnìtì tí ilé lò, èyí tí mítà ń kọ ní kWh. Bọ́ọ̀bù 100 wáàtì tó bá tàn fún wákàtí 10 ti jẹ yúnìtì kan. Èkejì ni iye tí wọ́n ń ta yúnìtì kọ̀ọ̀kan, òun là ń pè ní táríìfù. Ẹ fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀, owó iná ló jáde yẹn. Bí owó bá wá yí padà, ó lè jẹ́ pé ọ̀kan ló yí, ó sì lè jẹ́ àwọn méjèèjì. Nígbà mìíràn, ọ̀kan á gòkè, èkejì á sì wálẹ̀. Ìyẹn gan-an ló ṣẹlẹ̀ nílé Sábó yìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ọ̀nà tí táríìfù ń gbà yí padà. Láti ọdún 2020 ni NERC, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná mànàmáná, ti pín àwọn oníbàárà sí báńdì márùn-ún gẹ́gẹ́ bí wákàtí iná tó yẹ kí wọ́n máa rí lójúmọ́. Báńdì A ń retí ó kéré tán wákàtí 20, B 16, C 12, D 8, E sì ń retí 4. Ní ọjọ́ 3 Oṣù Kẹrin 2024, wọ́n gbé táríìfù Báńdì A láti nǹkan bíi ₦68 lọ sí ₦225. Ní ọjọ́ 6 Oṣù Karùn-ún, wọ́n dá a padà sí ₦206.80. Àfikún tí gbogbo ayé gbọ́ nìyẹn. Àmọ́ táríìfù tún lè yí láìjẹ́ pé rédíò sọ ohunkóhun: bí wọ́n bá gbé fíídà àdúgbò yín, ìyẹn wáyà ńlá tó ń gbé iná wá, láti báńdì kan sí òmíràn, iye tí ẹ fi ń ra yúnìtì kan ti yí lọ́jọ́ náà. Nítorí náà, ẹ má fi ìròyìn ṣe ẹ̀rí. Iye tí wọ́n tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Tariff lórí ríṣíìtì ni kí ẹ máa wò.

Ibi tí àṣìṣe ti ń pọ̀ jù nínú mítà tókìn ni pé àwọn èèyàn ń ka owó tí wọ́n fi ra tókìn sí owó iná tí wọ́n lò. Ohun tí a rà kì í ṣe ohun tí a lò. Ẹni tó gbọ́ pé táríìfù ń bọ̀ wá gbówó lórí lè ra ọgọ́rùn-ún mẹ́ta yúnìtì lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kó má sì ra ìkankan fún oṣù méjì. Bí a bá fi ríṣíìtì nìkan ṣírò, á dà bí ẹni pé ilé náà jó iná bí ilé-iṣẹ́ lóṣù kan, tí wọ́n sì wá jókòó sínú òkùnkùn lóṣù tó tẹ̀ lé e. Ohun tó ń tún èyí ṣe ni pé kí ẹ kọ iye yúnìtì tó kù lórí mítà sílẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní oṣù. Yúnìtì tó wà níbẹ̀rẹ̀, ẹ fi èyí tí ẹ rà kún un, ẹ yọ èyí tó kù níparí: èyí tó jáde ni ìlò.

Ilé Sábó kọ tirẹ̀ sínú ìwé ọmọléèwé kan tó so mọ́ ẹ̀gbẹ́ mítà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní Oṣù Kẹta, yúnìtì 42 ló wà lórí mítà. Wọ́n ra 200 láàárín oṣù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní Oṣù Kẹrin, ó ku 25. 42 àti 200 jẹ́ 242; ẹ yọ 25 kúrò, ó ku 217. Oṣù Kẹta ní ọjọ́ 31, nítorí náà yúnìtì 7 ni wọ́n ń lò lójúmọ́. Ní Oṣù Kẹfà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 18, wọ́n ra 140, ó sì ku 8. Ìyẹn jẹ́ 150 fún ọjọ́ 30, yúnìtì 5 lójúmọ́. Pípín in sí ọjọ́ yìí ṣe pàtàkì, torí oṣù kò gùn bákan náà, bíìlì àwọn mìíràn sì ń bo ọjọ́ 27 tàbí 34. Ẹ kò rí i pé ìlò ilé yìí ti wálẹ̀? Owó ni ìbínú ti ń bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó wo yúnìtì.

Ká wá wo iye tí wọ́n ń ta yúnìtì kan fún ilé Sábó, tó wà ní Báńdì A. Owó orí tí ríṣíìtì ń kọ ní VAT, ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, wà lórí táríìfù. Nítorí náà ₦68 jẹ́ ₦73.10 lápò oníbàárà, ₦206.80 sì jẹ́ ₦222.31. Ní Oṣù Kẹta, ilé náà ń lo 7 × ₦73.10, ìyẹn ₦511.70 lójúmọ́. Ní Oṣù Kẹfà, 5 × ₦222.31 jẹ́ ₦1,111.55. Àfikún ojúmọ́ jẹ́ ₦599.85. Ìyẹn ni a fẹ́ pín láàárín táríìfù àti ìlò.

Ẹ bi ara yín ní ìbéèrè kan: ká ní àwọn ará ilé kò yí ìwà wọn padà rárá, tí wọ́n ṣì ń lo yúnìtì 7, èló ni wọn ì bá máa san ní táríìfù tuntun? 7 × ₦222.31 jẹ́ ₦1,556.17. Láti ₦511.70 dé ibẹ̀, ₦1,044.47 ni táríìfù fi kún un. Ṣùgbọ́n wọn kò san ₦1,556.17; ₦1,111.55 ni wọ́n san. ₦444.62 tó dín yẹn, àwọn fúnra wọn ló dín in, nípa lílo yúnìtì 5 dípò 7. Ẹ yọ 444.62 kúrò nínú 1,044.47, ẹ ó rí 599.85. Gbogbo rẹ̀ ló pé.

Àrékérekè kékeré kan wà níbẹ̀ tó yẹ ká mọ̀. Bí a bá kọ́kọ́ yí ìlò, kí a tó yí táríìfù, nọ́ńbà máa yàtọ̀: ìlò á dín ₦146.20 kù, táríìfù á sì fi ₦746.05 kún un. Àpapọ̀ ṣì jẹ́ ₦599.85, àmọ́ ìpín ti yí. Kò sí èyí tó jẹ́ irọ́ nínú méjèèjì. Ọ̀rọ̀ èyí tí a kọ́kọ́ yí ni. Tí ìyípadà bá kéré, ìyàtọ̀ náà kì í tó nǹkan. Tí táríìfù bá di ìlọ́po mẹ́ta bí ti 2024, ó tóbi. Ohun tó bọ́gbọ́n mu ni pé ká pa ìdáhùn méjèèjì pọ̀, ká pín in sí méjì: táríìfù fi ₦895.26 kún un, ìlò dín ₦295.41 kù. Ẹ lo ọ̀nà kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ má máa pààrọ̀ rẹ̀ láti oṣù dé oṣù.

Ọ̀rọ̀ ìlò fúnra rẹ̀ tún ní inú mìíràn. Ilé tí iná ń wá fún wákàtí púpọ̀ sí i máa lo yúnìtì púpọ̀ sí i láìra ẹ̀rọ tuntun kankan: fíríìjì tó ń sinmi tẹ́lẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Bí àdúgbò bá wọ Báńdì A, táríìfù àti wákàtí ló jọ ń gòkè, ìdí nìyí tí ẹ̀ṣẹ̀ fi máa ń dàrú mọ́ra. Ẹni tó bá ń kọ wákàtí iná sílẹ̀ lè yà wọ́n. Ká ní ilé Sábó rí wákàtí 14 lójúmọ́ ní Oṣù Kẹta. Yúnìtì 7 pín sí 14 jẹ́ ìdajì yúnìtì fún wákàtí kọ̀ọ̀kan, bíi 500 wáàtì tó ń ṣiṣẹ́ láìdúró. Ní Oṣù Kẹfà, wọ́n rí 20. Yúnìtì 5 pín sí 20 jẹ́ 0.25, ìyẹn 250 wáàtì. Ìlò ojúmọ́ lọ sílẹ̀ láti 7 dé 5, ṣùgbọ́n ìlò wákàtí já sí ìdajì. Irú ìsọ̀kalẹ̀ yẹn kì í ṣe iṣẹ́ bọ́ọ̀bù méjì tí a pa. Ẹ̀rọ tó ń gbóná ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, irú bí áyọ́ọ̀nù, sítóòfù oníná tàbí kẹ́tùlù tó ń gbé omi kaná, tàbí kó jẹ́ fíríìsà kan tí wọ́n ti yọ wáyà rẹ̀.

Àwọn nǹkan mélòó kan ṣì wà tó ń ba ìṣirò jẹ́. Bí gbèsè bá wà lórí mítà, a ó yọ díẹ̀ nínú owó tókìn kí yúnìtì tó jáde. Ẹni tó san ₦10,000, tí wọ́n yọ ₦3,000 fún gbèsè, tó wá fi gbogbo owó pín yúnìtì tó rí, á rò pé táríìfù ti gbówó lórí. ₦7,000 ló yẹ kó pín. Owó iṣẹ́ oní-pí-ó-ẹ́ẹ̀sì náà kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀. Ẹ tún rántí pé táríìfù ọjọ́ tí a ra tókìn ni tókìn ń gbé, kì í ṣe ti ọjọ́ tí a jó o. Yúnìtì tí ẹ rà ní ọjọ́ 2 Oṣù Kẹrin 2024 ṣì jẹ́ ti iye àtijọ́ bí ẹ tilẹ̀ jó o títí dé ìparí oṣù. Ìdí nìyí tí a fi fo Oṣù Kẹrin àti Oṣù Karùn-ún nínú àpẹẹrẹ yìí: táríìfù yí nínú wọn méjèèjì.

Ní ti mítà tí wọ́n ń gbé bíìlì rẹ̀ wá lẹ́yìn, nọ́ńbà tó wà lójú mítà ni kí ẹ gbà gbọ́. Nọ́ńbà kíkà tuntun yọ ti àtijọ́ ni ìlò, ẹ pín in sí ọjọ́ tó wà láàárín kíkà méjèèjì. Bí wọ́n bá fi àfojúbù ṣe bíìlì fún oṣù mẹ́ta, tí wọ́n wá ka mítà ní oṣù kẹrin, bíìlì kẹrin yẹn ń tún àṣìṣe mẹ́ta tó ṣáájú ṣe. Kì í ṣe ìlò oṣù kan. Ẹ kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀. Tí táríìfù bá yí láàárín wọn, a kò lè mọ yúnìtì tó bọ́ sí ṣáájú àti èyí tó bọ́ sí ẹ̀yìn. Kí a fi iye ọjọ́ pín in ló kù, kí a sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé àfojúbù ni. Ilé tí kò ní mítà rárá kò ní nǹkan tí yóò pín, nítorí yúnìtì tó wà lórí bíìlì rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Táríìfù nìkan ló lè yẹ̀ wò níbẹ̀.