Kíkọ ìdíwọ́ sínú ìròyìn ọ̀sẹ̀ kì í ṣe ẹjọ́ sísùn

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń fi ímeèlì ìròyìn ọ̀sẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá gbà pé ohun tó dára nìkan ló yẹ kó wà níbẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá kọ ọ́ pé iṣẹ́ dúró, ara rẹ̀ ló ń fi sùn, tàbí kó jẹ́ pé ẹlòmíì ló ń fi sùn. Nítorí náà, wọn a kọ ojú ìwé méjì nípa ohun tí wọ́n ṣe, wọn a wá fi "a ń bá a bọ̀" bo ibi tó ń dùn wọ́n. Ìgbàgbọ́ òdì gbáà ni. Ibi tí ọwọ́ yín kò tó, tí ọwọ́ ọ̀gá sì tó, ni ó ń wá nínú ìwé yẹn.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé akẹ́kọ̀ọ́ kan tí wọ́n ń kọ́ ní Ilé-Ifẹ̀, tí àwọn tó ni ín wà ní Èkó. Èèyàn 60 ni yóò máa gbé ibẹ̀. Wọ́n gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, wọ́n dán an wò, lítà 10 péré ló ń mú wá ní ìṣẹ́jú kan. Kò yani lẹ́nu. Orí àpáta líle ni ilẹ̀ Ifẹ̀ àti Iléṣà jókòó lé, ibi tí àpáta ti jẹrà tàbí tó ti sán ni omi ń fara pamọ́ sí, kànga méjì tó sún mọ́ra lè má mú iye omi kan náà wá. Ẹni tó ń bẹ̀rù yóò kọ pé: "Iṣẹ́ omi ń lọ dáadáa, a ti gbẹ́ kànga." Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí ni ọ̀gá fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Bó ṣe yẹ kó rí nìyí:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa.

Ìpinnu tí a ń retí, ó pẹ́ tán ọjọ́ Ìṣẹ́gun: ṣé ká ra táǹkì lítà 5,000, àbí ká gbẹ́ kànga kejì? Tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ń lo lítà 50 lójúmọ́, lítà 3,000 ni gbogbo wọn yóò lò. Ẹ̀rọ yóò fa á láàárín wákàtí 5. Bí omi bá dín sí ìdajì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, yóò gba wákàtí 10. Kànga kan yìí ṣì tó bí a bá rí ibi tọ́jú omi sí, nítorí náà àbá wa ni táǹkì. Bí èsì kò bá dé, pulọ́mbà kò ní mọ ibi tí páìpù yóò gbà wọlé ní Ọjọ́rú, àwọn tó ń lẹ táìsì yóò sì dúró, torí abẹ́ táìsì ni páìpù ń gbà.

Ìdíwọ́: páìpù tí a sanwó rẹ̀ ní ọjọ́ kẹta oṣù yìí kò tíì dé. Ẹni tó ń tà á ní ó di ọjọ́ Ajé. Kò sí ohun tí ẹ máa ṣe sí i báyìí.

Ohun tó parí: rírẹ́ ògiri ilé ìsàlẹ̀, yàrá 12, ẹnjiníà ti yẹ̀ ẹ́ wò."

Ẹ ò ní yọ ìkíni kúrò, ìyẹn kò bójú mu, àmọ́ ìlà kan tó. Ìpinnu ló ṣáájú nítorí pé orí fóònù ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá ti ń kàwé, àárín ìrìn àjò sì ni. Ẹ wo bí ìbéèrè yẹn ṣe ní ọ̀nà méjì, àbá, ọjọ́, àti ohun tí yóò bàjẹ́ bí ọjọ́ bá kọjá. Tí ẹ bá yọ àbá kúrò, ẹ ti gbé iṣẹ́ yín lé ọ̀gá lórí. Tí ẹ bá yọ ọjọ́ kúrò, "ẹ ṣeun, ẹ kú iṣẹ́" ni yóò dá padà fún yín, ìbéèrè yóò sì wà níbẹ̀ bó ṣe wà. Èsì bẹ́ẹ̀ gan-an ni àmì pé kò rí ìpinnu náà.

Ní ti ẹ̀rù ẹjọ́ sísùn, nǹkan ni kí ẹ kọ, ẹ má kọ èèyàn. "Páìpù kò tíì dé" yàtọ̀ sí "ẹni tó ń ra ọjà fi nǹkan falẹ̀". Kí ẹ tó fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ Ẹtì, ẹ pe ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, ẹ ka ìlà náà sí i létí. Ó lè sọ pé páìpù ti wà ní mọ́tò, kí ìdíwọ́ náà sì kúrò nínú ìwé.

Ohun tó bá "kù díẹ̀", ẹ má kọ ọ́ sí ohun tó parí. Bí ẹnì kan kò bá tíì yẹ̀ ẹ́ wò, kò tíì parí.

Tí ọ̀gá bá ti yan táǹkì, ìwé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yóò kọ ọ́ síbẹ̀: "Ẹ fọwọ́ sí táǹkì ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun." Lóṣù mẹ́ta sí i, tí ẹnì kan bá béèrè ìdí tí wọn kò fi gbẹ́ kànga kejì, ìlà yẹn àti ìṣirò lítà 3,000 ni ẹ óò ṣí fún un.