Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀ Kọ́ Ló Fà Á

Bí omi funfun kíki bá ń jáde lójú ara obìnrin, tí ibẹ̀ sì ń yún un, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé "tọ́lẹ́ẹ̀tì ìnfẹ́kṣọ̀n" ni, pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí gbogbo ayé ń lò ló ti kó o. Orúkọ yẹn gan-an ló ń ṣi wọ́n lọ́nà. Kàǹdídà, olu tí ojú lásán kò lè rí, ló sábà máa ń fa irú omi bẹ́ẹ̀. Ó sì ti ń gbé inú ìfun àti ojú ara ọ̀pọ̀ obìnrin tẹ́lẹ̀ láìṣe wọ́n ní nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ ká wo obìnrin kan tó lo oògùn apabakitéríà fún ọ̀sẹ̀ kan nítorí ọ̀nà ọ̀fun tó ń dùn ún. Oògùn náà pa bakitéríà rere ojú ara mọ́ búburú, kàǹdídà sì ráyè gbilẹ̀. Kò pẹ́ tó fi ń rí ohun tó dì bí wàrà lára pátá rẹ̀. Kò rùn, ṣùgbọ́n yíyún kò jẹ́ kó sùn, ìtọ̀ sì ń ta á. Ní kẹ́míìsì, wọ́n fún un ní ampisilíìnì àti mẹtironidasóòlù. Ti àkọ́kọ́ lè tún pa èyí tó kù nínú bakitéríà rere, ìkejì kò sì lè pa olu rárá. Oògùn tó yẹ ẹ́ ni klotrimasóòlù tí wọ́n ń kì sí ojú ara lálẹ́, mílígíráàmù 500 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tàbí flukonasóòlù mílígíráàmù 150 tí wọ́n ń gbé mì lẹ́ẹ̀kan, èyí tí aboyún kò gbọdọ̀ dá lò.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo yíyún ni kàǹdídà. Nínú ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2002, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta péré nínú àwọn obìnrin tó dá oògùn olu rà ni kàǹdídà nìkan ń bá jà. Omi ṣíṣàn tó dà bí eérú, tó ń rùn bí ẹja, àìdọ́gba bakitéríà ló sábà ń tọ́ka sí. Èyí tó pọ́n bí ìyeyè tàbí tó ní àwọ̀ ewé, tó ń hó, lè jẹ́ tirikomónásì, tí wọ́n ń kó nípa ìbálòpọ̀. Àwọn méjèèjì yìí ni mẹtironidasóòlù wà fún. Ọṣẹ olóòórùn dídùn àti omi apakòkòrò tí àwọn kan fi ń fọ inú náà lè mú kó yún, láìsí àrùn kankan.

Nítorí náà, ẹni tí dókítà ti rí kàǹdídà lára rẹ̀ rí, tí àmì kan náà gẹ́lẹ́ sì padà, lè dá a tọ́jú lẹ́ẹ̀kan. Aboyún, ẹni tó kọ́kọ́ ń rí i, ẹni tí ibà tàbí inú rírun bá a rìn, àti ẹni tí kò sàn láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n lọ, kí wọ́n gba omi náà fún àyẹ̀wò. Bí ó bá ń padà ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún, wọn yóò yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ àti kòkòrò HIV wò. Bí ó bá jẹ́ tirikomónásì, ọkọ náà gbọ́dọ̀ lo oògùn. Ti kàǹdídà kò béèrè ìyẹn, àyàfi bí nǹkan bá ń yún òun náà.