Ìntákúlà fi kún iṣẹ́ tọ́báìnì, síbẹ̀ èrè epo wálẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, Abẹ́òkúta níbí ni mo ti ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Wọ́n ní tí a bá tu afẹ́fẹ́ lára láàárín kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ méjì, agbára tí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ń jẹ á dín kù. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ lórí àyípo Bírétọ̀n, ìyẹn àyípo tí tọ́báìnì gáàsì ń tẹ̀lé, ṣe ni ìwọ̀n èrè epo wálẹ̀. Ṣé èmi ni mo ṣì í?

Ìdáhùn: O ò ṣì í, àbúrò mi. Ohun tó kù ni kí o rí ibi tí ooru gbà lọ.

Tí o bá ń kọjá ní Lafẹ́nwá, yà lọ́dọ̀ fọkanáísà tó ní kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ olórí méjì, ńlá kan, kékeré kan. Wo páìpù tó ti orí ńlá bọ́ sínú kékeré. Irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín wà lára rẹ̀ yí ká, atẹ́gùn sì ń fẹ́ sí i. Ìntákúlà nìyẹn. Afẹ́fẹ́ tí orí ńlá fún ti gbóná, ó sì ti fẹ̀, ó máa ń le láti tún fún. Tó bá tutù díẹ̀ kó tó dé orí kékeré, á sún kì, agbára tí a ó fi fún un lẹ́ẹ̀kejì á kéré. Fún fọkanáísà, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, torí afẹ́fẹ́ ló ń tà. Kò nílò ooru inú rẹ̀.

Tọ́báìnì nílò ooru yẹn. Ẹ̀rọ bíi àwọn tó wà ní ilé iṣẹ́ iná Ọlọ́runṣògo lọ́nà Pápáláńtò máa ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, á fún un, á sun gáàsì nínú rẹ̀ kó lè gbóná gan-an, afẹ́fẹ́ náà á wá fẹ̀ jáde láàárín àwọn abẹ̀bẹ̀ irin, á sì yí wọn. Lára agbára tó jáde yìí ni kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ti ń jẹun, ìyókù ló ń yí jẹnẹrétọ̀. Tí a bá ṣe bí ẹni pé ẹ̀rọ náà kò ní àbùkù kankan, ìlọ́po ìfúnpá nìkan ló ń pinnu èrè epo, ìyẹn iye ooru tó di iṣẹ́ nínú ooru tí a san:

```
η = 1 − 1 / r^0.286
```

`r` ni iye ìgbà tí ìfúnpá afẹ́fẹ́ tó jáde nínú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fi ju ti èyí tó wọlé lọ. Jẹ́ ká mú 9. Afẹ́fẹ́ wọlé ní 300 kẹ́lífìn, ìyẹn dígírì 27 tí a fi 273 kún, bí òwúrọ̀ Abẹ́òkúta ṣe sábà máa ń rí. Gáàsì sì mú un dé 1,300. Afẹ́fẹ́ jáde nínú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ní 562, ó sì jáde lẹ́yìn tọ́báìnì ní 694. Lórí kílò afẹ́fẹ́ kan, tọ́báìnì mú 609 kílójúùlù wá, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ jẹ 263 níbẹ̀, ó ku 346. Ooru tí a san jẹ́ 742. Èrè epo jẹ́ ìdá 46.6 nínú 100.

Wàyí o, pín ìfúnni náà sí méjì, kí ìlọ́po ìkọ̀ọ̀kan jẹ́ 3, nítorí 3 lọ́nà 3 ni 9. Lẹ́yìn àkọ́kọ́, tu afẹ́fẹ́ padà sí 300. Afẹ́fẹ́ kò ní ju 411 lọ nígbà tó bá jáde nínú ìkejì. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ méjèèjì á jẹ 222 dípò 263, iṣẹ́ tó kù fún jẹnẹrétọ̀ á sì gòkè láti 346 sí 387. Èyí kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n wo ẹnu ibi tí gáàsì ti ń jó: afẹ́fẹ́ tó yẹ kó dé ní 562 dé ní 411. Gáàsì ni yóò di àlàfo yẹn, àfikún ooru náà sì jẹ́ 152. Ooru tí a san ti di 894. Pín 387 sí i, wàá rí 43.3.

Ọ̀nà kan wà tí mo fẹ́ràn láti máa fi wò ó. Iṣẹ́ 41 ni a fi kún un, ooru 152 ni a san lé e lórí. 41 nínú 152 jẹ́ ìdá 27 nínú 100. Fi 3 sípò `r` nínú fọ́múlà òkè yẹn, 27 kan náà ni wàá bá. Ohun tí ìntákúlà ṣe ni pé ó so tọ́báìnì kékeré kan tí ìlọ́po rẹ̀ jẹ́ 3 mọ́ ara ti ńlá tí ìlọ́po rẹ̀ jẹ́ 9. Ó dà bí ẹni tó da gàrí tí kò kan mọ́ gàrí Ìjẹ̀bú: òṣùwọ̀n pọ̀ sí i, kíkan rẹ̀ dín kù.

Ibo wá ni ìntákúlà ti wúlò? Padà síbi afẹ́fẹ́ tó ń jáde lẹ́yìn tọ́báìnì ní 694. Láìsí ìntákúlà, afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ wà ní 562, ìyàtọ̀ wọn ò ju 132. Pẹ̀lú ìntákúlà, ìyàtọ̀ náà di 283. Tí a bá gbé ẹ̀rọ tó ń gba ooru padà sáàárín wọn, tó sì rí ìdá 80 nínú 100 gbà lára ìyàtọ̀ náà, èrè epo á jẹ́ 54.4 láìsí ìntákúlà, á sì jẹ́ 58.1 pẹ̀lú rẹ̀. Ìṣirò tìrẹ wálẹ̀ nítorí pé ìntákúlà dá wà nínú rẹ̀.

Àwọn kan máa ń lò ó láìsí ẹ̀rọ ìgbooru-padà. Nínú LMS100, tọ́báìnì gáàsì kan tí ilé iṣẹ́ GE ṣe, ìlọ́po ìfúnpá dé 42. Láìtu afẹ́fẹ́ lára, á gbóná kọjá ohun tí irin ẹ̀yìn kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ń fẹ́, afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń yà sọ́tọ̀ láti fi tu abẹ̀bẹ̀ tọ́báìnì lára náà ò ní tutù tó. Ìntákúlà ló jẹ́ kí wọ́n lè gun ìlọ́po yẹn, ìlọ́po gíga ló sì ń san gbèsè ìntákúlà padà.

Ní ìlú tiwa yìí, ohun kan wà tí ìṣirò inú ìwé kì í sọ. Lọ́jọ́ òjò, tí afẹ́fẹ́ bá wà ní dígírì 27, tó sì kún fún ọ̀rinrin, nígbà tí ìfúnpá rẹ̀ bá di ìlọ́po 3, láti nǹkan bíi dígírì 44 wá sílẹ̀ ni omi á ti máa yọ jáde lára rẹ̀. O fẹ́ tù ú dé 27, nítorí náà omi á kán. Omi kan náà ni fọkanáísà máa ń ṣí kọ́ọ̀kì abẹ́ táǹkì rẹ̀ láti dà nù. Nínú tọ́báìnì, tí kò bá sí ohun tó ń gba omi yẹn sílẹ̀ kó tó dé kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ kejì, ẹ̀kán omi á máa lu abẹ̀bẹ̀ tó ń sáré, á sì jẹ ẹ́ létí.

Nígbà ẹ̀rùn, ìdàkejì ni. Bí ìta bá wà ní dígírì 36, tó sì jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ìta la fi ń tu ìntákúlà, kò lè sọ ọ́ di 27. Bóyá 46 ló máa rí ṣe, ìyẹn 319 kẹ́lífìn. Agbára tí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ kejì ń jẹ máa ń tẹ̀lé ooru ẹnu ọ̀nà rẹ̀, á sì gòkè láti 111 sí 118. Eruku ọyẹ́ tó bá dí àárín irin pẹlẹbẹ rẹ̀ máa ń ṣe irú iṣẹ́ yìí gẹ́lẹ́, nítorí náà tẹmómítà ẹnu àbájáde kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ kejì ni kí o máa wò. Tí 411 bá ń lọ sí 437, tí ìlọ́po ìfúnpá kò sì yí padà, ìntákúlà ni kí o kọ́kọ́ lọ yẹ̀ wò.